Bí Ọkàn Òǹwòran Ṣe Lè Wà Lókè Láì Gbé Ọ̀daràn Ga

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn níbí ni mo wà, fídíò oníṣẹ́jú kan àbọ̀ ni mo sì máa ń ṣe nípa ìwà ọ̀daràn. Mo ṣe ọ̀kan nípa alájọ tó kó owó àwọn ọlọ́jà sá lọ, àmọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé "orí bọ̀bọ́ yìí pé o." Inú mi ò dùn sí i. Nígbà tí mo wá dín ipa rẹ̀ kù, fídíò náà ò dùn mọ́. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí ọkàn wọn á wà lókè láì jẹ́ pé olè ló di akọni?*

Mo wo fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ mú wa wọ yàrá alájọ náà, ẹ jẹ́ kí a rí i bí ó ṣe ń ka owó, bí ó ṣe ń ṣírò ọjọ́ tí yóò sá, àti bí ó ṣe ń fi ẹ̀rín bo ète rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ọjà. Láti ìgbà náà lọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà lọ́kàn wa: ṣé yóò rí i ṣe? Ó ṣòro kí ènìyàn mọ ète ẹlòmíràn látòkèdélẹ̀, kí ó máa tẹ̀lé e ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí ète náà yọrí, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ète burúkú. Àwọn òǹwòran yín kò fẹ́ràn olè ju ẹlòmíràn lọ. Ibi tí ẹ gbé wọn jókòó sí ni wọ́n ti wo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ẹ sì gé ipa alájọ náà kúrú, òun ni ó ṣì ni ìbéèrè ìtàn, ẹ kàn dẹ́kun láti máa dá a lóhùn ni, ìdí nìyẹn tí fídíò náà fi rí bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ ni ẹni tó ni ìbéèrè náà. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ibi, kí ẹ fi lé ẹni tí ibi náà ń bọ̀ wá bá lọ́wọ́.

Àwọn tó pàlọ́ fún wa ní kékeré mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá tó lọ gba àsèjẹ lọ́wọ́ babaláwo fún Yánníbo, ìyàwó rẹ̀ tó ń wá ọmọ. Kí Ìjàpá tó gbéra ní ilé babaláwo, a ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tọ́ àsèjẹ náà wò. Inú ìkìlọ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀rù àlọ́ náà ti wá. Bí òórùn àsèjẹ ṣe ń ta sí Ìjàpá nímú lójú ọ̀nà, àwa ọmọdé tí a jókòó sílẹ̀ ti mọ ohun tó ń bọ̀, a sì ń fẹ́ kígbe pé kí ó má ṣe é. Ká ní apàlọ́ fi ìkìlọ̀ náà pamọ́ di ìparí ni, ikùn Ìjàpá tó wú yóò kàn yà wá lẹ́nu ni, ìyàlẹ́nu kì í sì í pẹ́ kí ó tó tán. Ọkàn tó wà lókè máa ń pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé òǹwòran mọ ohun tí ẹni inú ìtàn kò mọ̀, kò sì sí bí ó ṣe lè sọ fún un. Ohun kan ni ó yàtọ̀ nínú irú ìtàn tiyín: nínú àlọ́, Ìjàpá tó jẹ̀bi ni ó ń rìn lọ sínú ewu, ṣùgbọ́n nínú ìtàn alájọ, aláìṣẹ̀ ni ó ń rìn lọ síbẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ gbé kámẹ́rà sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn alájọ yín náà ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ bí àjọ ojoojúmọ́ ṣe rí: alájọ ní ìwé ńlá tirẹ̀, ọlọ́jà ní káàdì, ojúlé káàdì náà sì jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Ẹni tó bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31 yóò gba ₦30,000, owó ọjọ́ kan tó kù sì jẹ́ ti alájọ fún wàhálà rẹ̀. Káàdì yìí ni ọ̀pá tí gbogbo ìtàn náà yóò fara tì, nítorí pé ó ń ka ọjọ́ fún òǹwòran láì jẹ́ pé asọ̀tàn ń ṣàlàyé.

Mo pe ẹni tó ni káàdì náà ní Ìyá Bùsọ́lá, ó ń ta ata ní ọjà Bódìjà. Orúkọ inú ìtàn ni, ẹ lè pè é ní ohun tó bá wù yín, àmọ́ ẹ rí i dájú pé òun ni ó ní orúkọ, kí alájọ má ní. Ìṣẹ́jú àáyá 5 àkọ́kọ́ jẹ́ ti káàdì nìkan, tí a gbé sórí apá tí kò mì lára igbá ata. Ojúlé 26 ti ní àmì. Asọ̀tàn yóò wí pé: "Ọjọ́ márùn-ún péré ni ó kù kí owó yìí di àwátì. Ẹni tó ni ín kò tíì mọ̀." Ẹ ti sọ ìparí ìtàn báyìí, ẹ sì lè máa rò ó pé ẹ ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ kò ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí ẹ mú kúrò lójú ọ̀nà ni ìbéèrè bóyá olè yóò ṣe àṣeyọrí, nítorí pé a ti mọ̀ pé ó ṣe é. Ohun tó kù tí a lè máa bẹ̀rù rẹ̀ ni iye tí obìnrin yìí yóò tún kó lé e lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ bá a.

Ìṣẹ́jú àáyá 15 tó tẹ̀ lé e wà fún ohun tí owó náà wà fún. Ẹ má sọ pé "ó ń ṣiṣẹ́ kára fún àwọn ọmọ rẹ̀," ọ̀rọ̀ tí a ti gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí kì í gbọ́ ọ mọ́ ni. Ẹ fi ohun kan ṣoṣo hàn: Bùsọ́lá, ọmọ rẹ̀, ń ṣa ata tó ti rà kúrò lára èyí tó dára, ìwé tó fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò oníwèé mẹ́wàá sì wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó ìdánwò náà ni àjọ. Gbólóhùn kan tó.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni ìkìlọ̀ wà, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 20. Alájọ dé, ó gba owó, ó fi bírò sàmì sí káàdì. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí bírò ṣe ń ha páálí káàdì náà ketekete, nítorí pé a óò tún nílò ìró yẹn. Lójoojúmọ́, ó máa ń ṣí ìwé ńlá rẹ̀ lẹ́yìn èyí láti kọ iye náà sílẹ̀. Lónìí, ó ki bírò bọ àpò, ó sì ń lọ. Bùsọ́lá gbójú sókè: "Màámi, kò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀." Ìyá rẹ̀ ń bu ata fún oníbàárà, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn: "Yóò kọ ọ́ tó bá délé." Ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta tí a fi ń wo ojú ọmọ náà láì sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni ó níye lórí jù lọ nínú gbogbo fídíò yìí. Òǹwòran àti ọmọ náà nìkan ni wọ́n mọ̀, ìyá kò mọ̀.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n àti ìkọkàndínlọ́gbọ̀n kò gbọdọ̀ jẹ ju ìṣẹ́jú àáyá 12 lọ lápapọ̀. Ní ọ̀kan, alájọ kò mú ìwé ńlá wá rárá. Ní èkejì, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kí ó fún òun ní owó òun nítorí pé ara ọmọ òun kò yá, alájọ sì dá a lóhùn pé ó di ìparí oṣù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dájọ rí mọ̀ pé a máa ń lè gba owó wa ṣáájú bí nǹkan bá le. Ìdáhùn yẹn nìkan ti tó láti mú kí àyà já.

Ọjọ́ ọgbọ̀n ni mo fẹ́ kí ẹ fi gbogbo ọgbọ́n yín lé lórí. Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Ọjà kò tà. Nígbà tí alájọ dúró sí iwájú igbá, Ìyá Bùsọ́lá ka owó inú àpò ìgbàdí rẹ̀, igba náírà mẹ́ta tó ti rún ni ó bá. Ẹgbẹ̀ta náírà kò tó owó àjọ. Ní àkókò yìí, òǹwòran tó ti mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ yóò ṣègbé yóò máa gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé kí obìnrin náà sọ pé "ẹ jẹ́ kó di ọ̀la," yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ó yá irinwó náírà, ó fi kún un, ó sì na owó náà. Ìró bírò lórí káàdì. Ìṣẹ́jú àáyá 16 ni èyí, kò sì sí ìbọn, kò sí eré sísá, kò sí ọ̀bẹ, síbẹ̀ n kò tíì rí òǹwòran tó lè gbé ojú kúrò níbẹ̀. Mo ti fi irú rẹ̀ han àwọn èèyàn, mo sì rí obìnrin kan tó na ọwọ́ sí fóònù bí ẹni pé ó fẹ́ gba owó náà padà.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, obìnrin náà jókòó, ó gbé káàdì lé itan. Ariwo ọjà ń lọ. Ìró bírò kò wá.

Ẹ wá ṣàkíyèsí bí àkókò ṣe rìn: ọjọ́ kan lọ lọ́ra, méjì sáré kọjá, èyí tó burú jù tún lọ lọ́ra. Ìṣe tí a ti tún ṣe tó láti di àṣà kò nílò àkókò púpọ̀ mọ́. Ibi tí àṣà náà bá ti fẹ́ yẹ̀ ni kí ẹ ti fa okùn gùn. Bí mo bá ń kàwé ní pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ bí 150 ni mo máa ń kà ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lè gba ọ̀rọ̀ 225. Ẹ má kọ ju 150 lọ. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ọjà àti fún ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ inú fídíò yín pọ̀ débi pé a kò ráyè bẹ̀rù.

Ní ti alájọ fúnra rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 14 ni a fi rí i nínú ohun tí mo là sílẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀, àpò rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùfídíò máa ń rò pé bí àwọn bá ti bo ojú ọ̀daràn, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú tí a bò nínú òkùnkùn, pẹ̀lú fìlà tí a fà sílẹ̀ àti èéfín lẹ́yìn, ń sọ ọ́ di àràmàǹdà tí gbogbo ènìyàn fẹ́ mọ̀. Ẹ fi ọwọ́ náà hàn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kí ó jẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ tún ṣọ́ gíga kámẹ́rà yín. Nínú fídíò yín, ẹ gbé fóònù sí ibi tí ojú ọlọ́jà tó jókòó wà, alájọ sì dúró lé e lórí bí òkè ńlá. Kámẹ́rà tó ń wo ènìyàn láti ìsàlẹ̀ máa ń sọ onítọ̀hún di ńlá. Ẹ ní kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí kí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí àwọn alájọ ṣe máa ń ṣe lóòótọ́. Ẹ má sì sọ ọ́ di ẹhànnà. Ẹni tó ń bú ramúramù tún jẹ́ irú ẹni ńlá mìíràn, àti pé kò sí ọlọ́jà tó máa kó owó fún ẹhànnà. Kí ó kí wọn "ẹ kú ọjà" bí ọmọlúàbí, torí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣe rí wọn mú.

Orin ni àṣìṣe tèmi. Nínú ọ̀kan lára àwọn fídíò tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo fi ìlù kan sí abẹ́ gbogbo ibi tí olè náà ti yọ, kí àwọn òǹwòran lè mọ̀ pé ewu dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá ti ń fi ẹnu lu ìlù náà, wọ́n sì ń rìn bí olè yẹn ṣe ń rìn. Mo yọ fídíò náà kúrò, ó sì dùn mí gan-an. Ẹni tí ẹ bá fún ní orin ti ní oríkì. Bí ohùn kan yóò bá máa padà wá nínú ìtàn yín, kí ó jẹ́ ti ohun tí aláìṣẹ̀ fẹ́ pàdánù, bí ìró bírò lórí káàdì.

Orúkọ ìnagijẹ pẹ̀lú máa ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ní ọdún 1986, Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ adigunjalè rẹ̀ da ìlú Benin rú, wọ́n pa ọlọ́pàá, wọ́n sì pa ará ìlú, wọ́n mú un ní ìparí ọdún náà, ìjọba sì yìnbọn pa á ní 1987. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti dàgbà nígbà náà, yóò sọ ìnagijẹ rẹ̀, "The Law", ìyẹn "Òfin", fún yín kíákíá. Ẹ wá ní kí ó dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo lára àwọn tó pa. Nítorí náà, bí ìnagijẹ bá tilẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn, "alájọ náà" ni kí ẹ máa pè é nínú fídíò yín.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tí ó fi jalè. Ẹ kò lè yọ gbogbo rẹ̀, nítorí pé ìtàn yóò di òfìfo. Ìlànà tí mo ń lò ni pé mo máa ń fi ohun tí ọlọ́jà lè fojú rí hàn, mo sì máa ń fi ohun tí olè nìkan mọ̀ sílẹ̀. Ìwé ńlá tí kò ṣí, owó tí ó kọ̀ láti san ṣáájú, ìwọ̀nyí wà lójú ọlọ́jà. Ẹni tó bá rí wọn nínú fídíò yóò tètè fura bí ó bá rí wọn ní ọjà. Ọ̀nà tí ó gbà gbé owó kúrò, bí ó ṣe pa fóònù rẹ̀ rẹ́, àti ibi tí ó gbà sá, kò sí èyí tó wúlò fún Ìyá Bùsọ́lá nínú wọn. Àwọn ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń kọ ọ́ sí abẹ́ fídíò yín pé orí rẹ̀ pé. Ẹ gé wọn pátápátá, títí kan ibi tí ó ti ń na owó náà ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni ẹ gbé ìtàn náà kà, tí ilé ẹjọ́ kò sì tíì dá a lẹ́bi, "afurasí" ni kí asọ̀tàn máa wí, nítorí pé apá 36(5) nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí a óò fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Bí ó bá sì jẹ́ àròsọ bíi ti Ìyá Bùsọ́lá, ẹ kọ ọ́ sójú fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìtàn àròsọ ni, kí ó sì wà níbẹ̀ pẹ́ tó fún ẹni tó rọra ń kàwé. Ìwọ̀nba ni ohun tí mo ti sọ nípa ìtàn alájọ yìí lè ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ bá kan ìtàn tí ẹ̀mí ti bọ́. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 2014 mọ bí ara ìlú ṣe rí nígbà tí wọ́n tú àṣírí igbó Sóókà, ibùba àwọn ajínigbé tí wọ́n ti bá òkú èèyàn. Àwọn tó ń wá ènìyàn wọn nígbà yẹn ṣì wà láàárín wa, wọ́n ní fóònù, fídíò yín sì lè yọ sí wọn láì jẹ́ pé wọ́n wá a. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀, mi ò ní ṣe é láìkọ́kọ́ bá ẹbí sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi han ènìyàn mẹ́ta tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé ìtàn ta ni wọ́n wò. Bí ẹnì kan bá ní ìtàn olè ni, àwòrán yín ṣì ń tẹ̀lé olè, ohunkóhun tó wù kí asọ̀tàn máa sọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e jáde, ẹ wo ìlà tó ń fi ibi tí àwọn òǹwòran ti kúrò hàn. Bí ìlà náà bá wálẹ̀ gbàrà tí alájọ kúrò lójú àwòrán, òun ni wọ́n ń wò. Bí ó bá dúró ṣinṣin títí di ọjọ́ tí òjò rọ̀, Ìyá Bùsọ́lá ni. Ẹ má jẹ́ kí iye àwọn tó wò ó nìkan tàn yín, nítorí pé fídíò àkọ́kọ́ yín náà rí òǹwòran.

Ìṣẹ́jú àáyá 8 ni ó kù fún ìparí. Mo mọ̀ pé yóò wù yín láti parí rẹ̀ pẹ̀lú alájọ nínú ṣẹkẹṣẹkẹ̀, àmọ́ ìyẹn yóò tún fi òun sí ojú àwòrán tó kẹ́yìn, èyí tí òǹwòran máa ń gbé lọ. Bí wọ́n bá ti mú un, ẹ kọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ó kọjá lọ. Lójú àwòrán, kí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gbé káàdì tirẹ̀ lé orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Bùsọ́lá, kí ẹlòmíràn gbé tirẹ̀ lé e, kí ẹlòmíràn tún gbé tirẹ̀, láì sí ọ̀rọ̀, títí tábìlì yóò fi kún. Kí Bùsọ́lá wá mú bírò ara rẹ̀, kí ó ṣí ìwé tó fi ń múra ìdánwò sí ẹ̀yìn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìró bírò yẹn ni kí fídíò náà fi parí.